Ọpẹ́ Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Ohun Tí A Kò Lè Kọ Kí A Tó Wọlé

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, bí aago méje, ni àbúrò mi obìnrin fi íméèlì kan ṣọwọ́ sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́." Àárọ̀ ọjọ́ náà ló lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn ní apá Ìsọlọ̀, l'Ékòó. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó yàrá oògùn olótùútù, níbi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ínsúlíìnì máa ń wà. Nínú yàrá bẹ́ẹ̀, tẹmómítà kò gbọdọ̀ fi ohun tó dín ní dígírì 2 hàn, kò sì gbọdọ̀ fi ohun tó ju dígírì 8 lọ hàn, lọ́sàn-án, lóru, bóyá iná ọba wà tàbí kò sí.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ íméèlì náà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ ń kà. Bí mo bá yí i sí Yorùbá, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́ púpọ̀ fún àǹfààní tí ẹ fún mi láti bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Iṣẹ́ yìí wù mí gan-an. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i nínú síífì mi, mo ti ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ oògùn fún ọdún mẹ́ta, mo mọ bí a ṣe ń tọ́jú oògùn olótùútù, mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, ara mi sì yá mọ́ ènìyàn. Ó dá mi lójú pé èmi gan-an ni ẹ ń wá. Mo tún fi síífì mi kún un kí ẹ má baà wá a kiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí mi. Ọlọ́run yóò bù kún yín."

Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó burú. Ọmọ tó mọ ilé kọ́ ló kọ ọ́, ìyẹn sì hàn. Mo pè é, mo bi í ní ìbéèrè kan péré: nínú gbogbo ohun tí o kọ síbí, èwo ni o kò bá ti lè kọ lálẹ́ àná, kí o tó lọ? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kà á jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá ó ní, "Àǹtí, 'lónìí' nìkan ni."

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn olùwáṣẹ́ lẹ́nu wò, mo sì ti ka íméèlì ọpẹ́ tí n kò lè kà tán lórí ìka. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń tún lẹ́tà ìwáṣẹ́ sọ. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ń rán wa létí ohun tí a lè ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé. Síífì rẹ̀ wà níwájú wa, a ti fi bírò fa ìlà sí abẹ́ ọdún mẹ́ta yẹn, a sì ti bi í léèrè nípa rẹ̀. Ìwé yẹn ti parí iṣẹ́ tirẹ̀: òun ló mú un dé iwájú tábìlì. Ohun tí a kò tíì mọ̀ nígbà tó jáde ni bóyá ó gbọ́ ohun tí a sọ fún un, àti ohun tó rò nípa rẹ̀ nígbà tó délé.

Ọpẹ́ ọjọ́ kejì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá lọ jẹun níbi ìnáwó, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò kí onínàáwó kú àná, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn Amẹ́ríkà náà ti ń kọ lẹ́tà ọpẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí íméèlì tó dé. Richard Bolles, ẹni tó ti ṣe àlùfáà rí, tó sì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùwáṣẹ́ tó kọ́kọ́ jáde ní 1970, kò yé tẹnu mọ́ ọn nínú àwọn àtúntẹ̀ ìwé náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí o bá lọ kí onínàáwó kú àná, ọpẹ́ nìkan ló ń retí. Ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ kò tíì yan ẹnì kankan. Bó ti ń ka ọpẹ́ rẹ, ó ń wò ó bóyá ìwọ àti iṣẹ́ náà bá ara yín mu. Ọpẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tẹ̀ lé e ló ní láti ṣe iṣẹ́ yìí.

Mo wá ní kí àbúrò mi gbàgbé ohun tó kọ, kí ó sì sọ fún mi bí wọ́n ṣe bá a sọ̀rọ̀, látìgbà tó wọlé. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jókòó. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n: ìyá kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, akáúńtáǹtì kan, àti apòògùn àgbà tí yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gan-an. Ó sọ ìbéèrè mẹ́sàn-án fún mi. Púpọ̀ nínú wọn ni ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́: sọ fún wa nípa ara rẹ, kí ló dé tí o fẹ́ fi ibi tí o wà sílẹ̀. Mo kàn ń gbọ́ ọ ni. Àfi ìgbà tó dé ibì kan tí apòògùn náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, tó sì sọ ohun tí kì í ṣe ìbéèrè. Ó ní, "Kì í ṣe oògùn ríra ló ń dà mí láàmú. Ọjọ́ Àìkú ni." Wọ́n ń ti sítọ́ọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó tún wo tẹmómítà. Ní àsìkò òjò tó kọjá, fíríìjì kan ṣiṣẹ́ kọjá ààlà ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì bá a lórí dígírì mélòó kan sísàlẹ̀ òdo. Ó wá bi í pé bó bá jẹ́ òun ló ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ni ì bá ṣe.

Àbúrò mi dáhùn pé òun yóò kó oògùn náà sínú fíríìjì mìíràn, òun yóò sì pe ọ̀gá. Apòògùn náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì kọjá sí ọ̀rọ̀ míràn.

"Ìgbà tí mo wọ ọkọ̀ tán ní Cele ni mo rántí pé ìdáhùn mi kò pé," ló sọ fún mi. "N kò sọ ohun tí màá ṣe sí oògùn yẹn fúnra rẹ̀. Ṣé màá dà á nù ni, àbí màá máa tà á lọ?"

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìbéèrè náà wà. Ènìyàn púpọ̀ rò pé ooru nìkan ló ń ba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́. Yìnyín ń ba àwọn kan jẹ́ ju ooru lọ: àjẹsára tẹ̀tánọ́ọ̀sì àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú B wà lára wọn, bí wọ́n bá ti dì rí, agbára wọn ti lọ, bí wọ́n tilẹ̀ yọ́ padà tí wọ́n mọ́ lójú. Nítorí náà, kíkó wọn sí fíríìjì tó dára nìkan léwu, nítorí èyí tó ti bàjẹ́ yóò dàpọ̀ mọ́ èyí tó dáa. Ìyàsọ́tọ̀ ni àkọ́kọ́, kí a kọ ọ́ sí wọn lára pé kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí a wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù láti mọ bó ṣe lọ sísàlẹ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Fún irú àwọn àjẹsára tí mo dárúkọ yìí, àyẹ̀wò kan wà tí a ń fi ìgò ṣe: a ó mọ̀ọ́mọ̀ mú ìgò kan tó jẹ́ irú kan náà, láti ilé-iṣẹ́ kan náà, tó sì wá nínú ìpín kan náà, a ó jẹ́ kó dì gbagidi mọ́jú, a ó jẹ́ kó yọ́, a ó gbọn òun àti èyí tí a ń fura sí pọ̀, a ó sì gbé wọn sílẹ̀ láti wo èyí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sílẹ̀. Bí èyí tí a ń fura sí bá tòrò kíákíá bíi ti èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ dì, ó ti dì rí nìyẹn.

Àbúrò mi mọ gbogbo èyí. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí ní ilé ìlera tó wà ní Abẹ́òkúta, níbi tó ti lo ọdún mẹ́ta yẹn. Ẹ̀rù ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo tún bi í léèrè: ní Abẹ́òkúta yẹn ńkọ́, ta ló ń wo tẹmómítà yín lọ́jọ́ Àìkú? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn olùṣọ́ ni. Ó ní òun gé bébà aláwọ̀ ewé, òun sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tẹmómítà láti 2 títí dé 8. Tẹmómítà náà rí bí ojú aago. Olùṣọ́ yóò wò ó láàárọ̀, yóò wò ó lálẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú àwọ̀ ewé, yóò máàkì fọ́ọ̀mù, bó bá ti jáde, yóò pe òun lórí fóònù. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè é, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì débẹ̀ kí ohunkóhun tó bàjẹ́.

Mo ní, "Èyí wà nínú síífì rẹ?"

"Rárá o, Àǹtí. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ nǹkan tí a ń kọ?"

Nínú síífì rẹ̀, gbogbo èyí ti sùn sábẹ́ gbólóhùn kan: "bójú tó yàrá oògùn olótùútù." Bó ṣe yẹ kí síífì rí náà nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú èwo nínú ohun tí òun ti ṣe láyé ni yóò ṣe pàtàkì fún àwọn tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Apòògùn náà ló sọ èyí tó ṣe pàtàkì, nígbà tó gbé bírò sílẹ̀. Íméèlì ọpẹ́ ni ibi àkọ́kọ́ tí àbúrò mi ti ní àǹfààní láti fi ohun tí òun ti ṣe pàdé ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé kó mú ìwé kékeré kan dání. Kì í ṣe inú yàrá ni yóò ti lò ó, ìta ni, kó tó wọ ọkọ̀, nítorí tí ó bá fi máa dé ilé, ariwo ojú ọ̀nà á ti gbé ìdajì lọ. Kó kọ ohun tí wọ́n sọ tí kì í ṣe ìbéèrè, ní ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an. Kó kọ ibi tí òun ti dáhùn tí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Kó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, kó rí i pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo ti rí ọ̀gá kan tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, tí kò sì ka ìlà tó tẹ̀ lé e.

A jókòó tì í, èmi l'Ágége, òun ní Mushin, lórí fóònù. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ohun tó wà lójú ìwé nìyí:

"Ẹ kú alẹ́, mà.

Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ yọ̀ǹda fún mi láàárọ̀ òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá méjèèjì tó wà pẹ̀lú yín.

Ọ̀rọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá apòògùn mẹ́nu bà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Abẹ́òkúta, sítọ́ọ̀ tiwa náà kì í ní òṣìṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Mo lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ojú tẹmómítà láti 2 dé 8, mo sì kọ́ àwọn olùṣọ́ méjì láti máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n sì pè mí bí ọwọ́ rẹ̀ bá jáde nínú àwọ̀ náà. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè mí, a kò sì pàdánù oògùn kankan.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún ìdáhùn mi lórí fíríìjì tó lọ sísàlẹ̀ òdo. Màá ya oògùn náà sọ́tọ̀, màá kọ 'ẹ má lò ó' sí i, n kò sì ní dà á nù, n kò ní jẹ́ kó jáde, títí ọ̀gá apòògùn yóò fi wo àkọsílẹ̀ òtútù, tí a ó sì ṣe àyẹ̀wò ìgò fún èyí tí ó bá yẹ.

Bí ó bá wúlò fún yín, mo lè fi fọ́ọ̀mù olójú-ewé kan tí mo yà fún àwọn olùṣọ́ náà ránṣẹ́, láìkọ ohunkóhun sí i.

Ẹ ṣeun, mà."

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ pé iṣẹ́ náà wu òun, kò sọ pé òun máa ń ṣiṣẹ́ kára, kò sọ pé òun ni wọ́n ń wá. Ọdún mẹ́ta yẹn kò jẹ yọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá kà á yóò rí òṣìṣẹ́ kára, yóò sì rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lára iṣẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó máa ń ronú lórí fíríìjì ẹlòmíràn lálẹ́ bí iṣẹ́ náà kò bá wù ú.

Ìpínrọ̀ tó wà láàárín ni mo pẹ́ lé jù lórí. Nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ, ó ní, "Mo rí i pé ẹ ní ìṣòro ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ẹ fi pàdánù oògùn, èmi sì mọ ojútùú rẹ̀." Mo ní kó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Apòògùn náà sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, láàárín ènìyàn mẹ́ta tí ilẹ̀kùn tì mọ́. Íméèlì ń rìn: ìyá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lè fi ṣọwọ́ sí ọ̀gá àgbà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí àdánù ilé-iṣẹ́ bá wà nínú ìwé tí olùwáṣẹ́ kọ, ó ti kó ẹni tó fọkàn tán an sínú wàhálà. "Ọ̀rọ̀ òpin ọ̀sẹ̀" tó. Ẹni tó sọ ọ́ yóò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ẹlòmíràn kò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ojútùú náà sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá jù. Kò mọ sítọ́ọ̀ wọn. Ohun tó mọ̀ ni ohun tó ṣe ní ibi tirẹ̀, ó sọ ọ́, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn láti fi wé tiwọn.

Ìpínrọ̀ tó tún ìdáhùn ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù, wọ́n rò pé àwọn ń fi àṣìṣe àwọn hàn. Ní ìrírí tèmi, òun ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, bó bá ti jẹ́ ẹyọ kan tó sì kúrú. "Mo fẹ́ fi ohun kan kún un" dára ju "ẹ máà bínú, ẹ̀rù bà mí" lọ. Kò tọrọ àforíjì, kò ṣàlàyé ìdí tí kò fi sọ ọ́ nígbà náà. Bí ìdáhùn mẹ́ta bá wà tó kù díẹ̀ káàtó, kí ó yan èyí tó kan ewu jù nínú iṣẹ́ náà, kí ó fi méjì yòókù sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe nínú íméèlì yóò kọ ojú ewé mẹ́ta, wọn yóò sì mọ̀ pé ó mọ̀ pé òun kò ṣe dáadáa.

Mo yọ "ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí mi" àti àdúrà ìparí kúrò, ìyẹn sì dun àbúrò mi díẹ̀. Nílé wa, àdúrà ni òpin ọpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú íméèlì yìí, ẹ̀bẹ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ di ọ̀rọ̀ àánú, ẹni tó bá sì fẹ́ yàn án yóò ní láti ṣàlàyé fún àwọn yòókù pé kì í ṣe àánú ni òun ń ṣe. Ọ̀wọ̀ ti wà nínú "mà" àti nínú kíkúrú ọ̀rọ̀.

Síífì tó fẹ́ so mọ́ ọn ńkọ́? Mo ní kó yọ òun náà. Wọ́n ti ní i. Ó tún lè jẹ́ ẹ̀dà tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, tí ẹnìkan yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ inú wọn wéra.

Ní ti ọ̀nà àti àkókò, kò le. Ìyá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan ló ní àdírẹ́sì rẹ̀, nítorí òun ló fi íméèlì pè é. Mo ní kí ó ṣí íméèlì ìpè yẹn gan-an, kí ó tẹ Reply, kí ọpẹ́ náà lè wọlé tẹ̀ lé ìpè, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ àti ọjọ́ lórí rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ tuntun, ó lè sọnù láàárín ọgọ́rùn-ún íméèlì míràn. Kò gbọdọ̀ máa wá nọ́ńbà Wáàsáàpù apòògùn kiri. Ẹni tí kò fún ọ ní nọ́ńbà rẹ̀ kò fẹ́ kí o ní i. Bí ó bá ní àdírẹ́sì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ì bá kọ mẹ́ta tó yàtọ̀, nítorí wọn yóò fi hàn ara wọn. Ìpínrọ̀ àárín ni yóò yí: sí akáúńtáǹtì, ì bá sọ bí wọ́n ṣe ń rí i pé èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ló kọ́kọ́ ń jáde, torí oògùn tó bá kọjá ọjọ́ ni ọkùnrin yẹn ń rí nínú ìwé owó rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ó lọ, kó má kọjá wákàtí 24. Ìdí rẹ̀ rọrùn: nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn bá ti jáde, ìgbìmọ̀ kì í pẹ́ jókòó láti fi orúkọ wéra. Íméèlì tó bá dé lẹ́yìn ìjókòó yẹn ti di ìkíni lásán. Bó bá jẹ́ ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n rí ọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kí o kọ ọ́.

Ìgbà míràn wà tí kò sí nǹkan kan láti kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbéèrè mẹ́rin tí wọ́n kà láti inú bébà, kò sẹ́ni tó gbé bírò sílẹ̀. Nígbà náà, ìlà ọpẹ́ méjì tó, kí a má dá ìtàn sílẹ̀ láti fi kún un. Pàápàá, kí ẹnikẹ́ni má kọ ohun tí kò ṣe. Bí ó bá ṣiṣẹ́, wọn yóò pè ọ́ padà, ohun tí o kọ yẹn gan-an ni wọn yóò sì bi ọ́.

Ibì kan sì wà tí kò lè yí nǹkan kan padà. Nínú iṣẹ́ ìjọba Bírítéènì, máàkì láti 1 dé 7 ni wọ́n ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ohun tí o sọ nínú yàrá ni wọ́n sì ń fi ṣe é. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò NHS, tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti apòògùn wa ń lọ fún, máa ń rí bẹ́ẹ̀ náà: ìbéèrè kan náà fún gbogbo ènìyàn, máàkì lórí bébà. Àfikún tó bá wọlé lálẹ́ kò ní bá máàkì yẹn lọ, nítorí àwọn yòókù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá irú iṣẹ́ yìí, kí ó dúpẹ́ níwọ̀nba, kí ó sì rí i pé ìdáhùn òun pé nígbà tí òun ṣì jókòó.

Àbúrò mi fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, ìlà kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ìyá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: ọ̀gá apòògùn ní kí ó fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú, ojú ewé kan, àpótí kékeré fún àárọ̀, àpótí kékeré fún alẹ́, àyè fún máàkì tàbí àgbélébùú. Ìlà kan péré ló kọ mọ́ ọn. Kò tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n pè é padà, apòògùn náà nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ó ti tẹ fọ́ọ̀mù náà sórí bébà. Ó fi ìka sí àwọn àpótí náà, ó ní kí ló dé tí kò fi sí àyè láti kọ nọ́ńbà dígírì sí. Àbúrò mi ní ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ méjèèjì kò mọ̀wé, ìdí tí òun fi gé bébà aláwọ̀ ewé nìyẹn.